Ibo Ni Ìdènà Kejì Yóò Wà?

Ìsàlẹ̀ ni kòtò ọ̀gbàrá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ba ilẹ̀ jẹ́. Omi á kọ́kọ́ gbẹ́ ojú ilẹ̀ inú rẹ̀. Bó bá ti jìn tó, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á wó lulẹ̀, òjò tó tẹ̀ lé e á sì kó erùpẹ̀ tó wó lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń to òkúta dí kòtò ní ìbú, níbi púpọ̀, kí omi lè máa sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ lórí àtẹ̀gùn dípò kó máa sáré.

Títo òkúta kọ́ ló nira. Àlàfo ni. Ọ̀pọ̀ á to ìdènà síbi tí ọkọ̀ ti lè já òkúta sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ ti sọ ibi tó yẹ kí ó wà.

Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹnu ìdènà ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹsẹ̀ ìdènà òkè dọ́gba. Bí a bá na okùn láti ẹsẹ̀ èyí tó wà lókè, tí okùn náà kò ga níbì kan ju ibòmíràn lọ, ẹnu èyí tó wà nísàlẹ̀ ni yóò kàn. Bí àlàfo bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ kan á wà láàárín tí omi ṣì ń gbẹ́, ìyẹn lẹ́sẹ̀ ìdènà òkè gan-an.

Ká mú kòtò kan tó gùn ní mítà 120, tó jìn ní mítà 2. Rọ́bà tí omi kún inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ògiri bóyá ó dọ́gba, ti tó láti wọn bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ sí. Láàárín mítà 20, ojú ilẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 120 lọ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé mítà kọ̀ọ̀kan ń fi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ sílẹ̀. Bí ẹnu ìdènà bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 90, a ó fi 6 pín 90: mítà 15 ni àlàfo, ìdènà 8 ni kòtò náà yóò gbà. Àárín, níbi tí omi ń gbà kọjá, ni ká wọn gíga yìí dé. Èjìká tó ga jù ú lọ ní ọ̀tún àti òsì kò sí nínú ìṣirò.

Àmọ́ yanrìn kì í tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn ìdènà. Òun náà máa ń dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, èyí sì ń dín owó kù. Burchard Heede, onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ fún àjọ igbó ìjọba Amẹ́ríkà, rí i ní odò Alkali Creek ní Kolorádò láàárín àwọn ọdún 1960 pé ìdagẹ̀rẹ̀ yanrìn náà lè tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti ilẹ̀ àtilẹ̀wá, bí kòtò kò bá dagẹ̀rẹ̀ jù. Nínú kòtò tiwa, 4.2 nínú 6 nìyẹn, 1.8 ló kù, 90 tí a bá sì fi í pín á fún wa ní mítà 50. Ìdènà 3 péré!

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yá sí ìyẹn. Ẹrẹ̀ lẹ́búlẹ́bú kì í dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi yanrìn tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú. Ká wo ẹ̀yìn igi tó ti wó dí kòtò náà tipẹ́: bí erùpẹ̀ tó dúró níbẹ̀ bá ń fi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ sílẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, a ó yọ 2 kúrò nínú 6, àlàfo á sì di mítà 22 àti ààbọ̀.

Àlàfo tó péye nìkan kò tó. Ní Tígíráì, ní Etiópíà, àwọn olùṣèwádìí ṣàyẹ̀wò nǹkan bí 400 irú ìdènà òkúta bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 2, ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún ti wó. Ibi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ jù, tí omi láti ilẹ̀ gbalasa sì ń wọ́ wá síbẹ̀, ni wọ́n ti wó jù. Bí ẹnu ìdènà bá kéré, omi á gba ẹ̀gbẹ́, á sì gbẹ́ ọ̀nà mìíràn fún ara rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìpẹ̀kun ìdènà wọ inú ẹ̀gbẹ́ kòtò ní ó kéré tán ààbọ̀ mítà, tí wọ́n sì ń tẹ́ òkúta síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ní gígùn tó tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ gíga ìdènà. Mítà 1.35 nìyẹn nínú àpẹẹrẹ wa.

Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ìdènà òkè ni kí onílé kọ́kọ́ lọ wò. Bí yanrìn bá ti ń gun òkè bọ̀ síbẹ̀, àlàfo bá a mu. Bí ihò bá ń jìn sí i níwájú òkúta tó tẹ́, ìdènà kékeré kan yóò wọ àárín àwọn méjèèjì kí òjò míì tó dé.