Agogo Mélòó Ló Bẹ̀rẹ̀? Àkọsílẹ̀ Tó Yẹ Kó Wà Nígbà Tí Eléré Bá Ṣubú Nídìí Ìdánrawò

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, àwọn agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà jáde fún ìdánrawò ìrọ̀lẹ́. Eré sísá ni iṣẹ́ ọjọ́ náà: kí kálukú sá nǹkan bí 100 mítà, kó sinmi díẹ̀, kó tún sá, títí yóò fi pé ìgbà 10. Jordan McNair, ọmọ ọdún 19, wà lára wọn. Kí eré náà tó parí, ìdúró ti ń di ìṣòro fún un. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn dókítà sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà. Ooru ló pa á, ìyẹn ooru tí ara ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àṣekára ń pèsè fúnra rẹ̀, tó wá pọ̀ ju èyí tí òógùn lè gbé jáde lọ.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀ rọrùn láti béèrè: agogo mélòó ni àìsàn náà fara hàn, kí ni wọ́n sì ṣe? Ìdáhùn ni kò rọrùn. Àwọn agbẹjọ́rò ẹbí rẹ̀ sọ pé gìrì ti mú un ní nǹkan bí agogo 5 ìrọ̀lẹ́. Damon Evans, ẹni tó ń darí eré ìdárayá ní yunifásítì náà nígbà yẹn, sọ pé kò sí eléré, olùtọ́jú tàbí kóòṣì kankan tó ròyìn gìrì ní agogo 5. Ó kù díẹ̀ kí agogo 6 lù kí wọ́n tó pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 911.

Ẹ wo ohun tí wákàtí kan yìí dá sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé agogo 5 ni gìrì náà, a jẹ́ pé wọ́n wo ọmọ tó ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan láìké sí áńbúláǹsì. Bó bá jẹ́ pé ìtòsí agogo 6 ni, a jẹ́ pé kò pẹ́ tí wọ́n rí i tí wọ́n fi pè. Ìtàn méjì ni, ẹ̀bi wọn kò sì dọ́gba. Àkọsílẹ̀ tí ẹnì kan ṣe lórí pápá, pẹ̀lú agogo tó rí lójú fóònù rẹ̀, ì bá ti yanjú rẹ̀.

Yunifásítì gbé ìwádìí fún Rod Walters, onímọ̀ nípa ìtọ́jú eléré. Ìròyìn rẹ̀ fi ìbẹ̀rẹ̀ àmì àìsàn sí agogo 4:53. Láti ìgbà náà, ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó pe 911, ó sì tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 39 kí áńbúláǹsì tó gbé e kúrò nínú ọgbà. Wọn kò wọn ooru ara rẹ̀ níbẹ̀, wọn kò sì rì í sínú omi tútù. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, ooru ara rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 41 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ẹ rántí pé ara ẹni tó dá ṣáká wà ní nǹkan bí 37. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ààrẹ yunifásítì, Wallace Loh, sọ pé àwọn gba ẹrù òfin àti ti ìwà ọmọlúàbí tó wà nínú ọ̀ràn náà sórí.

Ìdí tí ìṣẹ́jú fi ṣe kókó báyìí ni pé ooru tó bá kọjá 40 nínú ara máa ń ba ọpọlọ, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, bó bá sì ṣe pẹ́ tó ni ìbàjẹ́ náà ṣe ń pọ̀ tó. Ohun tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí ni pé kí ooru náà wálẹ̀ sí nǹkan bí 39 láàárín ìṣẹ́jú 30. Ọ̀nà tó yá jù ni kí wọ́n gbé eléré sínú agbada ńlá tó kún fún omi àti yìnyín lórí pápá níbẹ̀, kí ara rẹ̀ tutù kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí agbada kò bá sí, kí wọ́n máa da omi tútù lé e lórí láìdáwọ́ dúró. Tẹmọ́mítà tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n tàbí abíyá kì í sọ òtítọ́ lẹ́yìn eré sísá. Èyí tó ṣeé gbára lé ni ti ojú ìdí, olùtọ́jú tó kọ́ṣẹ́ ló sì yẹ kó ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ iye ooru sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ibi tó ti wọ̀n ọ́n pẹ̀lú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ti ń yà bàrá ni ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń kọ ìgbà tí eléré ṣubú, wọn a sì gbàgbé ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ooru kì í sábà dédé gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Eléré náà á kọ́kọ́ máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á bínú láìnídìí, á dáhùn ìbéèrè lọ́nà òdì, tàbí kó má mọ ibi tó wà. Ìyípadà nínú ọgbọ́n orí yìí ni àmì tó ń ya ooru tó ń pani sọ́tọ̀ kúrò lára àárẹ̀ lásán, òun náà sì ni àwọn tó wà níbẹ̀ máa ń kà sí ìwà àìlágbára. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí eléré sọ gan-an. “Mo bi í léèrè ọjọ́ wo lòní, ó ní Sátidé, Tuesday ni” wúlò fún dókítà ju “ọpọlọ rẹ̀ dàrú” lọ.

Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn kọ báyìí: “Ó rẹ̀ ẹ́, a fún un lómi, ara rẹ̀ yá díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dákú.” Kò purọ́, ṣùgbọ́n dókítà kò rí nǹkan dì mú nínú rẹ̀. Èyí tó dára yóò lọ báyìí: “4:40, ìsáré kẹfà, ó fi ọwọ́ di itan, ó ní iṣan fà á, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. 4:46, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó pe kóòṣì ní orúkọ ẹlòmíràn. 4:47, a dá a dúró, a bọ́ aṣọ rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í da omi tútù lé e. 4:48, a pe áńbúláǹsì. 4:52, ó bì. Èmi ni mo rí gbogbo rẹ̀, àyàfi ti 4:40 tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún mi.” Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì, torí ó ya ohun tí ojú rí kúrò lára ohun tí etí gbọ́.

Irú àkọsílẹ̀ yìí tún ń gbani lọ́wọ́ àṣìṣe mìíràn. Eléré tó bá dédé ṣubú láìsí àmì kankan ṣáájú, tí kò dáhùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó sì lè máa mí gùlẹ̀gùlẹ̀, kí àwọn ènìyàn wá rò pé gìrì ni. Ìtọ́jú ti òun yàtọ̀ pátápátá: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì wá ẹ̀rọ tí ń fi iná mọ̀nàmọ́ná mú ọkàn padà. Nítorí náà, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, “apá rẹ̀ gbọ̀n, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò dáhùn”, ẹ fi orúkọ àìsàn sílẹ̀ fún dókítà.

Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ fa ìlà kan la ọ̀rọ̀ náà já kó ṣì ṣeé kà, kí ẹ kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agogo tí ẹ tún un ṣe. Ìwé tí wọ́n fi bíró pa rẹ́ kì í jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí gbogbo àkókò wá láti ara fóònù kan ṣoṣo, torí aago ọwọ́ méjì lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún yàtọ̀ síra.

Mo ń bẹ àwọn kóòṣì, láti ilé ẹ̀kọ́ gíga dé pápá àdúgbò: kí ẹ tó fọn fèrè lọ́la, ẹ yan ẹnì kan tí kò ní sáré, tí kò ní tọ́jú aláìsàn, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó pe 112, tàbí 767 ní Èkó, kó sì máa kọ agogo sílẹ̀.