Ìdí Tí Kọfí Òwúrọ̀ Fi Ń Mú Kí Inú Kùn, Tí Ìgbẹ́ sì Ń Gbọ̀n Ẹlòmíràn Lójijì

Ẹ̀yin ìyá wa, kò ṣọ̀wọ́n kí ìyá kan sọ fún wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìlera pé, bí òun bá ti mu ife kọfí kan ní ìdájí, kí òun tó fi nǹkan kan ẹnu, inú òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Yóò lọ́ òun díẹ̀, kí òun sì tó wé gèlè tán, ìgbẹ́ ti ń gbọ̀n òun. Àwọn kan ti sọ ọ́ di jẹ̀díjẹ̀dí, àwọn mìíràn ní ọgbẹ́ inú ni, wọ́n sì ń gbé agbo tàbí oògùn apakòkòrò mu lé e lórí. Nínú ìwé yìí, a óò ṣàlàyé ohun tí kọfí ń ṣe nínú ara, àti bí ẹ ṣe lè fi agogo ara ògiri lásán mọ̀ bóyá kọfí ni ó fà á, tàbí mílíìkì tí ẹ dà sínú rẹ̀, tàbí àìsàn gan-an. Kọfí gan-an ni a ń sọ o, kì í ṣe gbogbo ohun tí a ń fi omi gbígbóná pò tí a sì ń pè ní tíì nínú ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ikùn òfìfo kì í sùn. Bí oúnjẹ alẹ́ bá ti dà tán, àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń kọ́kọ́ bọ́ sí, àti ìfun kékeré yóò máa fún ara wọn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ bí ẹni tí ń gbálẹ̀, láti gbá ìyókù oúnjẹ lọ. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 sí 120 ni wọ́n máa ń tún un ṣe. Nígbà tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ àti omi díẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tì, ó máa ń dún bí omi tí a mì nínú kèrègbè tí kò kún. Ìyẹn ni kíkùn tí ẹ ń gbọ́, kò sì túmọ̀ sí pé aràn wà nínú yín. Ìfun ńlá ní tirẹ̀ máa ń sinmi lóru; òwúrọ̀ ni ó máa ń jí. Ìgbẹ́ oúnjẹ àná, tàbí ti ìjẹta pàápàá, ti wà níbẹ̀ tí ó ń dúró de ìpè.

Ìpè náà ni kọfí ń gbé wá, ó sì yára ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n bi àwọn ọ̀dọ́ 99 tí ara wọn dá ṣáṣá léèrè, nǹkan bí 29 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì jẹ́wọ́ pé kọfí máa ń mú kí ìgbẹ́ gbọ̀n àwọn. Àwọn obìnrin ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi ohun èlò wọn bí ìfun ńlá àwọn kan ṣe ń fún. Lára àwọn tí ìgbẹ́ máa ń gbọ̀n, láàárín ìṣẹ́jú 4 péré tí wọ́n mu kọfí ni ìfun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń bá a lọ fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi gbígbóná lásán kò ṣe é. Lára àwọn tí kọfí kì í yọ lẹ́nu, kò sí ohun tí ó yí padà rárá. Bí inú ọkọ yín bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ tí tiyín sì ń kùn lẹ́yìn ife kan náà, kò sí awo nínú rẹ̀. Ara ni kò rí bákan náà.

Ẹ tún wo ìṣẹ́jú 4 yẹn dáadáa. Kọfí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mì kò lè tíì dé ìfun ńlá láàárín àkókò yẹn. Ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn, ìfun kékeré tí ó gùn ju yàrá lọ ni yóò gbà kọjá. Nítorí náà, kì í ṣe kọfí ni ó “ṣàn já” yín. Àpòlúkù ni ó ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ pé nǹkan ti wọlé, kí ìsàlẹ̀ wá àyè. Iṣan tí ń gbé ìròyìn kiri inú ara ń jẹ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, àwọn èròjà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ sì ń jẹ́ ìyókù. Ọ̀kan nínú wọn ni gásítíríìnì, tí kọfí máa ń mú kí ó pọ̀ sí i, tí ó sì ń pàṣẹ fún àpòlúkù kí ó da omi kíkan sílẹ̀. Oúnjẹ náà máa ń fa irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọdé fi máa ń béèrè póò lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán. Àmọ́ ife kọfí kan lè fún ìfun ńlá ní ìṣẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti odindi oúnjẹ àjẹyó.

Ọ̀pọ̀ ń di gbogbo rẹ̀ ru kaféènì, èròjà tí ń lé oorun lọ, tí ó wà nínú obì pẹ̀lú. Kaféènì lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọfí tí a ti yọ kaféènì kúrò nínú rẹ̀ náà ń mú kí ìfun fún, bí agbára rẹ̀ kò tilẹ̀ tó ti ìkejì. Ẹni tí ó bá ra èyí tí a yọ kaféènì kúrò nínú rẹ̀ nítorí ìgbẹ́ òwúrọ̀ lè rí i pé owó òun kò ṣe iṣẹ́ tí òun rán an.

Lílọ́ inú ńkọ́? Nígbà tí ìfun bá fún ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rẹ̀, ó máa ń dunni bí iṣan ẹsẹ̀ tí ó ká. Bí kò bá sì sí oúnjẹ kankan nílẹ̀, omi kíkan tí àpòlúkù dà yóò máa bá ara àpò náà nìkan ṣe. Ibi ọkàn lè máa ta àwọn kan nítorí èyí. Kọfí kọ́ ni ó ń dá ọgbẹ́ inú sílẹ̀. Kòkòrò kan tí ń gbé inú àpòlúkù àti lílo oògùn ara-ríro léraléra ni ó sábà máa ń dá a sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ní ọgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ni kọfí lè mú kí ó mọ ìrora rẹ̀ sí i.

A wá dé ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, ìyẹn mílíìkì. Ṣúgà kan wà nínú wàrà màlúù tí kì í ṣe irú èyí tí a ń rà ní páálí. Ìfun ọmọ ọwọ́ ní èròjà tí ń dà á, ọmú ìyá kò sì ní ì yọ ọ́ lẹ́nu. Bí a bá ti ń dàgbà, èròjà yìí a máa dín kù lára púpọ̀ nínú àwa ènìyàn dúdú. Ṣúgà tí kò dà yóò fa omi sínú ìfun, bí ó bá sì dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò ibẹ̀ yóò sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Inú yóò wú, yóò kùn, ìgbẹ́ yóò sì ṣàn bí omi. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú 4. Ó gbọ́dọ̀ rìn débẹ̀ ná, nítorí náà nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí 2 lẹ́yìn tí ẹ mu ún ni ó ń dé.

Ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà kan ní Ìbàdàn jẹ́ àpẹẹrẹ fún wa. Aago 5 ìdájí ni ó ń mu kọfí rẹ̀: ṣíbí ìmutíì kan, ìdajì agolo mílíìkì kékeré, àti hóró ṣúgà 4, láìjẹun. Kí ó tó ti ilẹ̀kùn, ìgbẹ́ ti gbọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí yóò fi di aago 6 kọjá díẹ̀, tí ó ti wà nínú ọkọ̀, inú yóò tún lọ́ ọ, a sì máa bẹ awakọ̀ kí ó dúró. Ojú tì í títí ó fi fẹ́ fi ọjà sílẹ̀. Wọ́n ní ṣúgà ni ó fa jẹ̀díjẹ̀dí fún un. Ó yọ ṣúgà, kò sí ìyàtọ̀. Ó wá ń mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí fún ọ̀sẹ̀ 3, ìgbẹ́ sì di ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ojú ń ṣú u bí ó bá dìde. Irú agbo bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní egbò tàbí ewé tí ń ṣí inú. Omi ara rẹ̀ ni ó ń bá a lọ.

A sọ fún un kí ó dá agbo náà dúró, kí ó má sì fi ẹnu kan kọfí àti mílíìkì fún ọjọ́ 3. Inú rẹ̀ rọlẹ̀. Èyí jẹ́ àmì pé ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ àìsàn. Ní ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún, ó mu kọfí láìsí mílíìkì ní aago 5, ó sì ń wo agogo. Ìgbẹ́ gbọ̀n ọ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ó le bí ó ti yẹ, ó yà á lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ní ọjọ́ kẹfà, ó po ìdajì agolo mílíìkì mọ́ omi gbígbóná láìsí kọfí. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ títí di aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 10, ni inú bá wú, ni ó bá ń kùn. Nǹkan méjì ni ó ń bá a jà, ó sì rò pé ọ̀kan ni.

Ní báyìí, ẹ̀kọ àti àkàrà méjì ni ó kọ́kọ́ ń jẹ, kí ó tó mu kọfí rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí mílíìkì kan, ní ìṣẹ́jú 40 kí ó tó jáde. Ìgbẹ́ ṣì ń gbọ̀n ọ́, nítorí oúnjẹ náà ń pe ìfun gẹ́gẹ́ bí a ti wí. Ẹ má ṣe retí pé jíjẹun ṣáájú yóò mú un kúrò pátápátá. Àmọ́ ilé rẹ̀ ni ó ti ń yà á, inú kò sì lọ́ ọ mọ́, nítorí oúnjẹ ti gba omi kíkan náà mọ́ra, kọfí kò sì já lu ikùn òfìfo. Ẹni tí ife ńlá bá ń dà láàmú lè bu ìdajì, kí ó sì máa rọra mu ún dípò kí ó gbé e kanrí.

Bí ẹ bá dá kọfí àti mílíìkì dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tí inú sì ń lọ́ síbẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ kan bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ìgbẹ́ dúdú tí ó sì ń lẹ̀ bí ọ̀dà, tí ibà tàbí èébì bá tẹ̀ lé e, tàbí tí ẹ ń rù láìmọ ìdí. Ìgbẹ́ tí ń jí ènìyàn lójú oorun lóru kì í ṣe ti kọfí òwúrọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì bí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì sọ orúkọ gbogbo agbo àti oògùn tí ẹ ti lò.