Lẹ́tà Ọdún Ìwádìí Olùkọ́ Yunifásítì

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, olùkọ́ àgbà tó ti ṣiṣẹ́ ọdún 6 láìdáwọ́ dúró lè tọrọ ọdún kan láti lọ ṣèwádìí níbòmíràn, kí owó oṣù rẹ̀ má sì dúró.

Orí èso tí wọ́n ṣèlérí ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń kọsẹ̀. “Mo fẹ́ ṣèwádìí ẹ̀ka-èdè Yorùbá” kò tó. Èyí ló dáa: “Màá gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, fún oṣù 3, màá fi oṣù 6 kọ ọ́ sílẹ̀, àpilẹ̀kọ 2 ni yóò jáde.” Wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tó bá dé.

Ẹ̀ka ńkọ́? Kó ní òun yóò fi àkójọ ohùn náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kó sì tètè bá ẹni tí yóò di kíláàsì rẹ̀ mú sọ̀rọ̀, kí olórí ẹ̀ka tó bèèrè.