Níbo Ni Àwòrán Ojú Kọ̀ǹpútà Yín Wọlé Sí?

Bọ́tìnnì PrtScn tó wà lókè kíbọọ̀dù ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbà pé àwọn ti ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá a títí, wọn ò ní rí i. Kò sí ẹni tó jí i. Nínú Windows 10, bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, bọ́tìnnì yìí nìkan kì í dá fáìlì sílẹ̀ rárá. Inú kílípùbọ́ọ̀dù ló ń fi àwòrán sí, níbi tí ohun tí a bá ṣe kọ́pì rẹ̀ ń dúró sí kí a tó tẹ Ctrl+V.

Bí ẹ bá fẹ́ fáìlì, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ wá tẹ PrtScn. Ojú kọ̀ǹpútà á ṣú fìrí. Ó ti wọlé nìyẹn. Inú Pictures ló wà, nínú fódà Screenshots, orúkọ rẹ̀ á sì dà bíi `Screenshot (1).png`. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ èyí, kí ẹ tẹ Enter:

```
shell:screenshots
```

Èyí sàn ju kéèyàn máa wá kiri lọ, torí OneDrive lè ti gbé Pictures sábẹ́ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fura.

Ká ní akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù kan tẹ PrtScn lórí rìsíìtì owó tí oníbàárà san, ó wá ṣe kọ́pì nọ́ńbà àkáǹtì kan kó tó dé orí WhatsApp. Bó bá tẹ Ctrl+V, nọ́ńbà ló máa jáde, torí ohun tó dé kẹ́yìn nìkan ni Ctrl+V mọ̀. Windows+V ló lè yọ ọ́. Àkójọ ohun mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó kọjá níbẹ̀ á ṣí sílẹ̀, rìsíìtì á sì wà lára wọn. Àmọ́ ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti tan àkójọ yìí tẹ́lẹ̀, ní Settings, System, Clipboard. Títàn án lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kò lè dá rìsíìtì tó ti lọ padà.

Bí iná bá sì lọ tí kọ̀ǹpútà kú, àkójọ náà á pa rẹ́, àfi èyí tí wọ́n bá tẹ àmì píìnì sí lára. Fáìlì inú Screenshots ní tiẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀.

Windows 11 tuntun ti dín wàhálà yìí kù. Bí ẹ bá tẹ Windows+Shift+S, tí ẹ sì fa ìlà yí ibi tí ẹ fẹ́ ká, àwòrán á wọ kílípùbọ́ọ̀dù, á tún wọ Screenshots. Ṣùgbọ́n ojúlówó àwòrán ló ń fi pamọ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi pupa yí iye owó ká, ẹ tẹ Ctrl+S kí ẹ tó pa á dé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ èyí tí kò ní àmì pupa lẹ máa bá nínú fódà.