Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Yín Sọ

Bàbá, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín ti dé. Lórí ìwé náà, AST jẹ́ 128, ALT sì jẹ́ 54. Inú ẹ̀dọ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá farapa. Nínú ọ̀pọ̀ àìsàn ẹ̀dọ̀, ALT ló máa ń ga jù. Bí AST bá ju ìlọ́po méjì ALT lọ, bíi tiyín, ọtí la kọ́kọ́ máa ń fura sí. Àmọ́ èsì yìí kò lè sọ bóyá àpá ti wà lára ẹ̀dọ̀. Àyẹ̀wò mìíràn ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàdédé dá ọtí dúró lẹ́ẹ̀kan náà: gìrì lè gbé yín, ó sì lè la ikú lọ. Ẹ kọ́kọ́ wá rí mi.