Ìwé Kékeré fún Aládùúgbò Tí Yóò Bomi Rin Òdòdó

Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí àwọn èèyàn ń múra ìrìnàjò Kérésì, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi lé aládùúgbò lọ́wọ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bomi rin àwọn òdòdó inú ilé.” Aládùúgbò tí kò fẹ́ gba ẹ̀bi yóò wá máa bu omi sí wọn ní àràárọ̀. Nígbà tí onílé bá fi máa dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbòǹgbò ti jẹrà. Omi àpọ̀jù ló pa wọ́n, kì í ṣe òùngbẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi olùkọ́ kan ní Bódìjà, Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Ìyá Bọ́lá tó ń gbé ní òdìkejì ni yóò sì máa wo òdòdó mẹ́ta tó wà ní pálọ̀. Ọ̀kan ni ọ̀já ìkokò, tí ewé rẹ̀ gùn tó sì le. Èkejì ni lílì tó ń yọ òdòdó funfun. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń fà láti orí kọ́bọ́ọ̀dù wá sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ kọ ni pé: “Ẹ má fi ọjọ́ ka omi, ìka ni kí ẹ fi wò ó.” Kí Ìyá Bọ́lá máa yà wọlé ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́bọ̀, kó ti ìka bọ inú erùpẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ìka bá kan ọ̀rinrin nísàlẹ̀, kó padà sílé láìbu omi rárá, nítorí ọyẹ́ lè ti gbẹ ojú erùpẹ̀ kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Bó bá gbẹ dé ibi tí ìka dé, kó bu omi díẹ̀díẹ̀ yíká títí yóò fi máa jò láti ihò ìdí ìkòkò. Fún lílì tí ẹnu ìkòkò rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, omi inú ọ̀rá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.

Ọ̀já ìkokò yàtọ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níhìn-ín ló ti ṣẹ̀, ó ń tọ́jú omi sínú ewé rẹ̀, òru ló sì sábà máa ń ṣí ihò ara ewé sílẹ̀, nígbà tí ooru kò lè fa omi rẹ̀ tán. Bí olùkọ́ bá bomi rin ín kó tó lọ, kí Ìyá Bọ́lá má ṣe fi ọwọ́ kàn án títí yóò fi dé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ọjọ́ tí lílì bá rọ. Ká ní Ìyá Bọ́lá wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì, tó bá gbogbo ewé rẹ̀ nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yóò ti fẹ́ lọ síbi kọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbé ìkòkò náà. Bó bá fúyẹ́ tí erùpẹ̀ sì gbẹ, òùngbẹ ni. Kó bu omi sí i, yóò sì dìde láàárín wákàtí mélòó kan. Bó bá wúwo, tí erùpẹ̀ tutù, tó tún ń rùn, gbòǹgbò ló ti ń jẹrà. Gbòǹgbò nílò afẹ́fẹ́ láti mí. Bí omi bá dí gbogbo àlàfo inú erùpẹ̀, á kú, kò sì ní lè fa omi mọ́ bó tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Omi mìíràn yóò wulẹ̀ parí rẹ̀ ni. Kó da omi abẹ́ rẹ̀ nù, kó gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kó sì pe olùkọ́.

Kó má gbé e sínú oòrùn ìta o. Ewé tó ti mọ òjìji pálọ̀ lára lè jóná ní ọjọ́ kan.

Kó tún máa da omi inú abọ́ abẹ́ ìkòkò nù lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nínú omi tó dúró, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ilé onílé á sì kún fún un.

Bí àwọn ọmọ bá ń bá Ìyá Bọ́lá wá, kí ìwé náà kìlọ̀ fún un: mọ̀lẹ́bí kókó tí a ń jẹ ni lílì yìí àti èyí tó ń fà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, bí ọmọ bá sì jẹ ewé wọn lẹ́nu, yóò yún un gidigidi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìnàjò, ẹ pe aládùúgbò yín wọlé ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kó fi ìka ara rẹ̀ kan erùpẹ̀ gbígbẹ àti èyí tó tutù, kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.