50 Lórí Mítà: Òpin Ni, Kì Í Ṣe Ibi Tá À Ń Sáré Lọ Bá

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fẹsẹ̀ dá títì kọjá láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ nípa eré tí òfin gbà fún ọkọ̀.

Òfin ìrìnnà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń mú ṣẹ pín ọ̀nà sí mẹ́ta: inú ìlú, ọ̀nà tó lọ láti ìlú kan sí òmíràn, àti ọ̀nà márosẹ̀ bíi ti Èkó sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ sá ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàárín ìlú, 80 lójú ọ̀nà ìlú sí ìlú, àti 100 ní márosẹ̀. Takisí àti bọ́ọ̀sì bá a dọ́gba, àfi ní márosẹ̀ tí tiwọn ti jẹ́ 90. Tírélà àti tánkà ni òfin fún ní 45, 50 àti 60. Ọ̀kadà ò gbọdọ̀ kọjá 50.

Mo bi bọ̀ọ̀dá kan tó máa ń wa bọ́ọ̀sì láti Móníyà pé eré mélòó ni wọ́n máa ń sá. Wọ́n ní, "Ṣebí òfin ló sọ pé 80? 80 náà ni mò ń sá." Wọ́n gbà pé bí wọn ò bá tíì dé 80, àwọn ń fàkókò ṣòfò ni. Àmọ́ tí ọ̀nà bá ti wọ ìlú bíi Ìrókò, tí ilé àti ọjà ti bẹ̀rẹ̀, 50 ló kù. Ká tiẹ̀ wá sọ pé 50 gan-an ni wọ́n ń sá, ó ṣì ku ọ̀rọ̀.

Tíṣà Físíìsì wa ní ká fi ìṣirò wò ó. Ká sọ pé ọmọ kan já sí títì lójijì, mítà 28 sí iwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Ìyẹn tó ìgbésẹ̀ ńlá 28. Ẹ wọ̀n ọ́n wò ní pápá. Kí awakọ̀ tó rí ọmọ náà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tó kan bíréèkì, ó máa tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń sá 50 ti rin mítà 14 nígbà yẹn. Bí ọ̀dà bá gbẹ, tí táyà sì dáa, bíréèkì á tún gba mítà 14 kó tó dá ọkọ̀ dúró. Ó dúró síwájú ọmọ náà gẹ́ẹ́.

Ẹni tó ń sá 60 ńkọ́? Ó ti rin nǹkan bíi mítà 17 kó tó tẹ bíréèkì, á sì ṣì wà lórí eré bíi 40 nígbà tó bá kọ lu ọmọ náà. Ẹni tó ń sá 80 á kọ lù ú pẹ̀lú eré 73, torí bíréèkì rẹ̀ ò tíì rí àyè ṣiṣẹ́. Mo tún ìṣirò yìí ṣe lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀. Ká ní agbára bíréèkì dín sí ìdajì lórí ọ̀dà tó tutù. Ẹni tó ń sá 50, tí kò rú òfin kankan, nílò nǹkan bíi mítà 42 báyìí. Kó tó lè dúró láàárín mítà 28 yẹn, eré rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 39 lọ. Bí táyà bá tún ti dán, tàbí ilẹ̀ ti ṣú, ó gbọdọ̀ tún dín in kù. Nọ́ńbà òfin kò mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Awakọ̀ ló mọ̀.

Ti tírélà tún yàtọ̀. Atẹ́gùn ló ń ti bíréèkì rẹ̀, ó sì máa ń gba àkókò díẹ̀ kí atẹ́gùn yẹn tó dé àwọn táyà ẹ̀yìn. Bó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú ẹrù, tí awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣáá, bíréèkì á gbóná, kò ní mú mọ́. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jó lára tírélà, ẹ kúrò létí títì.

Láti oṣù kejì ọdún 2017 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ń mú àwọn ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù tí kò ní ẹ̀rọ tó ń ká eré lọ́wọ́ kò. Ó dáa, àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n dì sí 90 á jẹ́ kí bọ́ọ̀sì sá 90 gba iwájú ọjà kọjá. Kò mọ ibi tí ìlú ti bẹ̀rẹ̀.

Mo padà bi bọ̀ọ̀dá yẹn pé èló gan-an ni wọ́n ń jèrè. Ká ní ìlú kan gùn ní kìlómítà méjì. Eré 80 á gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 90, eré 50 á gbà á ní 144. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 54, kò pé ìṣẹ́jú kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní èrò kan ṣoṣo tó ní àpò gàrí máa ń pẹ́ ju ìyẹn lọ kó tó wọlé.